Ìlà méjì lórí owó ìpolówó àti ọjà àdìrẹ wa: èwo ni kí n fi wo Jánúárì sí Máàṣì?

Aláró_Ìtòkú

Ẹ kú ọdún tuntun o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti ìyá mi la jọ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ìdì ọ̀pá márùn-ún nìkan la máa ń tà. Mo máa ń sanwó ìpolówó lórí Facebook àti Instagram lóṣooṣù. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ fún 2024 nìyí, ẹgbẹ̀rún náírà ni gbogbo rẹ̀. Mo ti yí owó ọjà sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tó sún mọ́ ọn jù.

```
Oṣù         Ìpolówó   Ọjà
Jánúárì        20     310
Fẹ́búárì        25     340
Máàṣì          30     350
Épírì          30     380
Méè            35     400
Júùnù          40     400
Júláì          40     430
Ọ́gọ́ọ̀sì        45     440
Sẹ̀tẹ́ńbà       45     430
Ọktóbà         50     480
Nòfẹ́ńbà       50     490
Dìsẹ́ńbà       70     830
```

Nígbà tí mo fi Excel ya àwòrán owó ọjà, tí mo tẹ Add Trendline, ó gbé y = 29.301x + 249.55 wá. Nígbà tí mo lo SLOPE, 9.175 ni mo rí. Èwo ló tọ̀nà nínú méjèèjì? Mo sì fẹ́ mọ iye tí a máa tà ní Jánúárì, Fẹ́búárì àti Máàṣì bí mo bá gbé ìpolówó dé ₦100,000 lóṣù.

Ìṣọ̀lá_Èkó

Ẹ kú iṣẹ́, sisí. Méjèèjì tọ̀nà, àmọ́ ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn. Àwòrán Line lẹ yà. Bí ẹ bá ya Line, Excel kì í ka owó ìpolówó yín sí rárá, oṣù ló ń kà: Jánúárì jẹ́ 1, Fẹ́búárì jẹ́ 2, títí dé 12. Nítorí náà ohun tí 29.301 ń sọ ni pé owó ọjà ń fi nǹkan bí ₦29,300 gòkè lóṣooṣù. SLOPE ní tiẹ̀ ń wo ìpolówó: bí ìpolówó bá fi ₦1 lé, ọjà fi ₦9.175 lé.

Ẹ pa Line tì, ẹ ya Scatter, kí ìpolówó wà nísàlẹ̀, kí ọjà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ máa rí y = 9.175x + 73, R² rẹ̀, tó ń sọ bí ìlà ṣe bá nọ́ńbà mu tó, á sì tó 0.85, èyí tó dára gan-an. Ẹ wá fi 100 sí ibi tí x wà: 917.5 pẹ̀lú 73 jẹ́ 990.5. Ìyẹn ni pé ẹ máa tà tó ₦990,500 lóṣù. Ẹ máa bá a lọ.

Àdùkẹ́_Oníbúrẹ́dì

Ẹ kú ọdún o. Rédíò kọ́ lẹ fi ń polówó, àbí? Èmi ń ṣe búrẹ́dì n'Ìbàdàn, mo sì gbé owó lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan, wọ́n ń kọrin búrẹ́dì mi láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọjà yá! Mo ní rédíò ló ṣe é. Àfìgbà tí àbúrò mi sọ fún mi pé ìgbà tí àwọn ọmọ bá fẹ́ wọlé iléèwé nìkan ni mò ń gbówó fún wọn. Ìgbà yẹn sì rèé, gbogbo ìyá ọmọ ló ń ra búrẹ́dì, bóyá rédíò kọrin tàbí kò kọrin. Nígbà tí mo sanwó fún wọn láàárín ìsinmi, ọjà ò kúrò níbi tó wà.

Kì í ṣe pé mo mọ ìlà tí ẹ ń yà yìí o. Ṣùgbọ́n kí ni ìdí tí ẹ fi ná ₦70,000 ní Dìsẹ́ńbà? Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ rí.

Bàbá_Oníṣirò

Ìbéèrè tí Àdùkẹ́ béèrè yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú ewé yìí. Kí Aláró tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká fi ohun tí ìlà Ìṣọ̀lá sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n tà gan-an, oṣù kan lẹ́yìn èkejì. R² nìkan kò lè fi èyí hàn yín.

Ní Jánúárì, ìpolówó jẹ́ 20, ìlà ní kí wọ́n ta 256.5, wọ́n ta 310. Wọ́n fi 53.5 ju ìlà lọ. Fẹ́búárì fi nǹkan bí 38 ju ìlà lọ, Máàṣì fi nǹkan bí 2, Épírì fi 32, Méè fi 6. Láti Júùnù, ó yí padà. Júùnù fi 40 dín sí ìlà, Júláì fi 10, Ọ́gọ́ọ̀sì fi 46, Sẹ̀tẹ́ńbà fi 56, Ọktóbà fi 52, Nòfẹ́ńbà fi 42. Lẹ́yìn náà ni Dìsẹ́ńbà déédéé fò sókè, ó fi 115 ju ìlà lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò: márùn-ún lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo lókè réré. Bí ìlà bá bá ọjà mu, ńṣe ni ìyàtọ̀ máa ń fọ́n káàkiri, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, láìtò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tò báyìí, ó túmọ̀ sí pé nǹkan kan ń fa ìlà kúrò níbi tó yẹ kó wà. Dìsẹ́ńbà ló ń fà á. Òun ló jìnnà jù sápá ọ̀tún, òun náà ló ga jù, agbára rẹ̀ lórí ìlà sì ju ti oṣù yòókù lọ fíìfíì. Ó gbé orí ìlà sókè lápá ibi tí ìpolówó ti pọ̀, ó sì tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ lápá ibi tó ti kéré.

Ẹ yọ Dìsẹ́ńbà kúrò, kí ẹ tún un ṣe. Bí oṣù bá wà ní A, ìpolówó ní B, ọjà ní C, tí nọ́ńbà Jánúárì sì wà ní B2 àti C2:

```
=SLOPE(C2:C12,B2:B12)
=INTERCEPT(C2:C12,B2:B12)
=RSQ(C2:C12,B2:B12)
=STEYX(C2:C12,B2:B12)
```

Ẹ máa rí nǹkan bí 5.49, 200, 0.95 àti 13.4; èyí tó kẹ́yìn ni bí oṣù ṣe sábà máa ń jìnnà sí ìlà tó. Ọjà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ nínú àkámọ́, kí ìpolówó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé e yí, Excel kò sì ní bá wọn wí, ó kàn máa gbé nọ́ńbà mìíràn jáde ni.

Oṣù kan ṣoṣo la yọ, 9.175 sì di 5.49. Kò sí oṣù tó tún fi ₦20,000 jìnnà sí ìlà mọ́. ₦990,500 tí Ìṣọ̀lá ṣèlérí sì ti di nǹkan bí ₦749,000. Èmi ò sì gbà ₦749,000 náà gbọ́, nítorí pé wọn kò tíì ná ₦100,000 rí. Láàárín 20 sí 50 ni ìlà yìí ti mọ nǹkan kan. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò rí i rí.

Aláró_Ìtòkú

Ẹ ṣé gan-an ni, bàbá. Àǹtí Àdùkẹ́, ìdí tí mo fi ná ₦70,000 ni pé láti ìparí Nòfẹ́ńbà làwọn ènìyàn ti ń pè wá fún aṣọ ẹbí. Àwọn tó ń bọ̀ láti òkè òkun wá ṣe ìgbéyàwó náà ti ń béèrè. Mo rí i pé ọjà máa pọ̀, mo ní kí n polówó dáadáa kí ẹlòmíràn má bàa gbà á lọ́wọ́ wa.

Àdùkẹ́_Oníbúrẹ́dì

Ẹ ò rí i! Ọjà ló fa ìpolówó, kì í ṣe ìpolówó ló fa ọjà.

Ìṣọ̀lá_Èkó

Mo gba ti àwọn ìyàtọ̀ tó tò yẹn. Ṣùgbọ́n bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò dáa kéèyàn máa ju oṣù nù torí pé kò bá ìlà mu. Tí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlà ló máa dára. Owó gidi ni wọ́n gbà ní Dìsẹ́ńbà.

Bàbá_Oníṣirò

Òótọ́ lo sọ, ó sì yẹ kí ẹni tó bá yọ oṣù kan sọ ìdí rẹ̀ kó tó wo ohun tí ìlà á dà. Ìdí tèmi ni èyí: Jánúárì sí Máàṣì ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Kò sí aṣọ ẹbí ọdún nínú oṣù mẹ́ta yẹn. Dìsẹ́ńbà kan ṣoṣo la ní, a ò sì lè fi ọ̀kan mọ iye tí ọdún nìkan ń mú wá àti iye tí ìpolówó mú wá nínú rẹ̀. Kí wọ́n pa á mọ́. Bí Dìsẹ́ńbà méjì mẹ́ta bá ti wà nílẹ̀, a lè fún ọdún ní òpó tirẹ̀, ká kọ 1 síbẹ̀ fún Dìsẹ́ńbà, 0 fún oṣù yòókù, ká sì lo LINEST.

Ṣùgbọ́n ìṣòro tó tóbi ju Dìsẹ́ńbà lọ ṣì wà, òun gan-an ni mo fẹ́ kí Aláró fara balẹ̀ kà.

Ẹ wo òpó ìpolówó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò fìgbà kan rẹlẹ̀. Oṣooṣù ló ń ga sí i tàbí kó dúró. Ọjà náà ń ga. Ohunkóhun mìíràn tó bá ń ga lọ́dún yẹn, ìlà tí a bá yà sórí rẹ̀ máa dára pẹ̀lú. Mo dán an wò: mo pa ìpolówó tì pátápátá, mo fi nọ́ńbà oṣù nìkan, 1 dé 11, sọ iye ọjà. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 304, ó ń fi 16.8 lé lóṣooṣù, R² rẹ̀ sì jẹ́ 0.96. Ìlà tí kò mọ̀ pé ìpolówó kankan wà láyé fi díẹ̀ dára ju èyí tó mọ̀ lọ!

A wá ní ìlà méjì tó dára. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa Jánúárì, ká ní ẹ dá ìpolówó padà sí ₦30,000. Ìlà ìpolówó ní ẹ máa ta nǹkan bí ₦365,000. Ìlà oṣù ní nǹkan bí ₦522,000, kí Fẹ́búárì jẹ́ ₦539,000, kí Máàṣì jẹ́ ₦556,000. Nínú ọdún tó kọjá, wọ́n ń sọ ohun kan náà. Níwájú, wọ́n fi ohun tó lé ní ₦150,000 yàtọ̀ síra. Kò sí ohun tó wà nínú nọ́ńbà 2024 tó lè sọ fún wa èyí tó ń parọ́, torí pé ìpolówó àti oṣù jọ ń rìn pọ̀ ni.

Ìṣọ̀lá_Èkó

Kò wá sí ọ̀nà àbáyọ kankan nínú nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ yìí?

Bàbá_Oníṣirò

Díẹ̀ wà. Dípò kí a wo iye tí ìpolówó jẹ́, ẹ jẹ́ ká wo ìgbà tó yí padà. Láti Jánúárì dé Nòfẹ́ńbà, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ₦5,000 kún ìpolówó: Fẹ́búárì, Máàṣì, Méè, Júùnù, Ọ́gọ́ọ̀sì, Ọktóbà. Nínú àwọn oṣù yẹn, ọjà yí báyìí: 30, 10, 20, 0, 10, 50. Bí a bá pín in dọ́gba, ó jẹ́ 20. Oṣù mẹ́rin ni wọn kò fi nǹkan kan kún un: Épírì, Júláì, Sẹ̀tẹ́ńbà, Nòfẹ́ńbà. Ọjà yí níbẹ̀ náà: 30, 30, ó fi 10 rẹlẹ̀, ó fi 10 gòkè. Bí a bá pín in dọ́gba, ó jẹ́ 15.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí wọn ò fi kọ́bọ̀ kún ìpolówó, ọjà ń fi ₦15,000 lé fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ₦5,000 kún un, ó ń fi ₦20,000 lé. Ohun tí a lè sọ pé ₦5,000 yẹn mú wá kò ju ₦5,000 lọ. Náírà kan mú náírà kan wá. A ti bẹ̀rẹ̀ láti 9.175, a dé 5.49, a ti wà ní 1 báyìí, ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ńbà kan náà ló sì ti wá. Oṣù mẹ́wàá kéré, 1 yẹn lè jẹ́ 3, ó sì lè jẹ́ òfo. Ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tó lè jẹ́ kí n gbà pé 9 ni.

Aláró, èló ló máa ń kù yín lọ́wọ́ lórí ìdì kan?

Mọ́níkẹ́_Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan, torí pé èmi náà ń ta aṣọ. Ìdì mélòó lẹ tà? Gbogbo yín ń sọ náírà, náírà. Lọ́dún 2024 tí kọ́sítíìkì àti háídírò tí a fi ń po aró ń wọ́n lójoojúmọ́, tí aṣọ funfun náà ń wọ́n, ta ni kò fi owó lé ọjà rẹ̀? Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò, àwọn NBS, ní ọ̀wọ́n gógó ọjà jẹ́ 34.60% ní Nòfẹ́ńbà. Bí mo bá ta ìdì kan náà lóṣooṣù, owó mi á máa ga láìsí ìpolówó.

Aláró_Ìtòkú

Àǹtí Mọ́níkẹ́, mo lọ tú ìwé rìsíìtì. Àwọn tí mo rí nìyí, n óò máa wá ìyókù. Ní Jánúárì, ₦10,000 la ń ta ìdì kan, a sì ta 31. Ní Júùnù, ó ti di ₦12,500, a ta 32. Ní Nòfẹ́ńbà, ₦14,000, a ta 35. Dìsẹ́ńbà, ₦14,000 náà ni, a ta 59.

Bàbá, lórí ₦14,000, bí a bá yọ owó aṣọ, aró àti owó àwọn tó ń bá wa di í, ₦4,000 ló máa ń kù, kí a tó yọ ìpolówó.

Mọ́níkẹ́_Òṣogbo

Ó tán. Láti 31 dé 35! Owó ọjà fi ₦180,000 gòkè láti Jánúárì dé Nòfẹ́ńbà, ìdì mẹ́rin péré ló sì fi lé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, owó tí ẹ fi lé ìdì ni.

Ìṣọ̀lá_Èkó

Èyí yí ojú ọ̀rọ̀ padà fún mi. Ìlà oṣù tí bàbá yà, tó ń fi 16.8 lé lóṣooṣù, ọ̀wọ́n ọjà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn ìpolówó díẹ̀: ìgbà tí èèyàn bá gbówó lé ọjà, oníbàárà máa ń sá. Aláró gbé e láti ₦10,000 dé ₦14,000, wọn ò sì sá. Ó ṣeé ṣe kí ìpolówó ló dá wọn dúró. Bí kì í bá ṣe ìpolówó, 35 yẹn lè ti jẹ́ 25.

Bàbá_Oníṣirò

Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Mi ò lè já ọ̀rọ̀ yẹn nírọ́, kò sì sẹ́ni tó lè fi nọ́ńbà yìí gbè é lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí òpó kẹrin wà nínú ìwé Aláró, òpó ìdì, kí òpó karùn-ún sì jẹ́ iye owó ìdì kan lóṣù náà. Ìdì ni kó máa fi ya ìlà láti ìsinsìnyí lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ti èrè. ₦4,000 lórí ₦14,000 túmọ̀ sí pé nínú náírà kan tí ẹ bá tà, nǹkan bíi kọ́bọ̀ 29 ló kù. Bí náírà kan tí ẹ fi polówó bá mú ọjà ₦5.49 wá, èrè rẹ̀ á jẹ́ ₦1.57, ẹ ti jèrè kọ́bọ̀ 57. Bó bá jẹ́ ₦1 ló mú wá, kọ́bọ̀ 29 lẹ rí gbà padà, ẹ ti pàdánù kọ́bọ̀ 71. Náírà kan gbọ́dọ̀ mú ọjà ₦3.50 wá kí ẹ tó rí owó yín padà. ₦3.50 sì wà láàárín ohun tí a kò mọ̀ gan-an. Bí ẹ bá ná ₦100,000 lóṣù mẹ́ta, ₦300,000 nìyẹn, lórí ohun tó lè jẹ́ èrè tàbí àdánù.

Aláró_Ìtòkú

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ báyìí. Kí wá ni kí n ṣe ní Jánúárì?

Bàbá_Oníṣirò

Ẹ má ná ₦100,000. Ẹ dá a padà sí ₦30,000, nítorí pé ibi tí ìlà méjèèjì ti yapa gan-an nìyẹn. Kí oṣù tó parí, ẹ kọ àsọtẹ́lẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ààlà rẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé ẹ̀yìn tí ọjà bá ti wọlé la óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé.

```
=FORECAST.LINEAR(30,C2:C12,B2:B12)
```

Ìyẹn máa fún yín ní nǹkan bí 364.6. Kì í ṣe pé ẹ máa ta iye yẹn gẹ́lẹ́. Bí ìlà ìpolówó bá jẹ́ òótọ́, láàárín 332 sí 397 ni oṣù kan máa bọ́ sí nínú ìgbà 95 lára 100. Ti ìlà oṣù jẹ́ 490 sí 554. Ààlà méjèèjì kò kan ara wọn rárá. Lẹ́yìn náà, ní Fẹ́búárì, ẹ gbé e sí ₦50,000, ní Máàṣì ẹ tún dá a padà. Kí ìpolówó máa lọ sókè sódò láìbá oṣù rìn, kó má sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá rí i pé ọjà fẹ́ yá lẹ ń fi kún un. Bí ẹ bá lè ju kọ́ìnì láti mú èyí tó kàn, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Mo ti ń kà yín bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun kan wà tí ẹ ò tíì fẹnu kàn. Aṣọ kì í ṣe búrẹ́dì. Ẹni tó rí ìpolówó àdìrẹ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù lè má san owó títí owó oṣù rẹ̀ fi wọlé. Owó ìpolówó Nòfẹ́ńbà lè ti ra ìdì kan nínú Dìsẹ́ńbà, ti Dìsẹ́ńbà sì lè gbé Jánúárì. Tí ẹ bá ń yí i padà lóṣooṣù, ipa oṣù kan á máa ya sínú èkejì, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta.

Bàbá_Oníṣirò

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Aláró lè fa ìpolówó oṣù kan kalẹ̀ nínú òpó mìíràn, kí ti Jánúárì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Fẹ́búárì, kí a wo èyí tó bá ọjà mu jù. Ṣùgbọ́n oṣù 11 kò tó fún ìyẹn, òpó méjèèjì máa jọra wọn jù. Èyí tó rọrùn ni kí Aláró máa bi oníbàárà léèrè lórí WhatsApp ibi tí wọ́n ti rí àdìrẹ náà àti ìgbà tí wọ́n rí i, kó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rìsíìtì.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Oníbàárà ò ní rántí, bàbá. Wọ́n á kàn ní "mo rí i lórí fóònù" ni. Oṣù méjì méjì lèmi ì bá ní kó fi ṣe é dípò oṣù kọ̀ọ̀kan.

Aláró_Ìtòkú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Jánúárì ti parí. ₦30,000 ni mo ná gẹ́lẹ́. A ta ìdì 32, ₦14,000 náà la tà á, ó jẹ́ ₦450,000 bí mo ṣe máa ń yí i.

Ìṣọ̀lá_Èkó

450! Kò sí nínú 332 sí 397, kò sí nínú 490 sí 554. Ìlà méjèèjì ló kùnà.

Bàbá_Oníṣirò

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì kọ́ wa ní nǹkan. Ìlà ìpolówó ní kí owó já wálẹ̀ gan-an, kò já tó bẹ́ẹ̀, torí pé owó ìdì ò padà sí ₦10,000. Ìlà oṣù ní kó máa gòkè lọ, kò gòkè, torí pé wọn ò fi owó lé ìdì lóṣù yìí. Tí a bá wo ìdì nìkan: ₦20,000 ìpolówó, 31. ₦50,000, 35. ₦30,000, 32. Láti Nòfẹ́ńbà sí Jánúárì, wọ́n dín ₦20,000 kù nínú ìpolówó, wọ́n pàdánù ìdì mẹ́ta, èrè ₦12,000. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, ₦8,000 ló kù sí wọn lọ́wọ́ ju ti Nòfẹ́ńbà lọ.

Mọ́níkẹ́_Òṣogbo

Bàbá, Jánúárì ni o! Ta ló ń ra aṣọ ní Jánúárì? Owó ti tán lọ́dún, owó iléèwé ń bọ̀. Ìdì 32 ní Jánúárì lè dára ju 35 ní Nòfẹ́ńbà lọ. Ẹ má fi Jánúárì dá ìpolówó lẹ́bi.

Bàbá_Oníṣirò

Ohun tí mo fi kọ "bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí" nìyẹn. Jánúárì 2024 wà níbẹ̀ tí a lè fi wé e: 31 pẹ̀lú ₦20,000 nígbà tí ìdì jẹ́ ₦10,000. Ṣùgbọ́n Jánúárì méjì kò tó láti gbé ẹjọ́ lé.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Ìpolówó ₦70,000 ti Dìsẹ́ńbà náà ṣì lè wà nínú 32 yẹn. Mo ṣì dúró lórí oṣù méjì méjì.

Aláró_Ìtòkú

Mo ti rí rìsíìtì Épírì àti Sẹ̀tẹ́ńbà, ti Fẹ́búárì ṣì sọnù. Mo ti bá ìyá mi sọ̀rọ̀. ₦50,000 ni a máa ná ní Fẹ́búárì àti Máàṣì pa pọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọmọ_Ìjẹ̀bú ṣe wí, ₦50,000 lóṣù kọ̀ọ̀kan, kí a tó dá a padà sí ₦30,000 fún oṣù méjì tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gbà pé a ò ní fi owó lé ìdì títí Máàṣì á fi parí, àyàfi bí háídírò bá tún wọ́n. N óò gbé iye ìdì wá síbí bí Máàṣì bá ti parí.